Owó Ilé Tí Kì Í Wálẹ̀

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1994, wọ́n gé iye owó sẹ́fà sí ìdajì. Fránkì Faransé kan tí à ń fi sẹ́fà 50 gbà di 100. Àwọn onílé Parakú tó ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ọlọ́jọ́ pípẹ́ rí i pé iye tí wọ́n ń gbà lóṣooṣù kò yí padà, bẹ́ẹ̀ ni irin àti páànù tí wọ́n fi ń tún ilé ṣe ti gbówó lórí. Ìbẹ̀rù ìyẹn kò kúrò lára wọn mọ́. Òun ló mú kí gbólóhùn kan máa wọ inú ìwé àdéhùn ṣọ́ọ̀bù: pé bí ọdún mẹ́ta bá pé, a ó tún owó ilé wò, àmọ́ kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju iye tí ayálégbé ń san lọ. Èmi àti àwọn tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ ìdíyelé ń pè é ní má-wálẹ̀.

Irú ìbẹ̀rù kan náà ló bí i ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà kan rí, ènìyàn lè gba ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ fún ọdún 21 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní iye kan ṣoṣo. Nígbà tí owó bẹ̀rẹ̀ sí í dín lágbára, àwọn agbẹjọ́rò onílé fi àtúnyẹ̀wò sínú ìwé, wọ́n ń dín àlàfo rẹ̀ kù títí ó fi dúró sí ọdún márùn-ún, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ pa. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, ọmọ Ìbàdàn tó fẹ́ aya sí Parakú tí kò sì padà mọ́, ló mú ọ̀nà ìṣirò wọn wá bá wa. Kí ó tó dé, bí onílé bá fẹ́ fowó kún owó ilé, mọ́tò ayálégbé ló máa kọ́kọ́ wò.

Ọ̀gá ní kí n gbàgbé mọ́tò. Ó ní kí n gbàgbé ayálégbé fúnra rẹ̀ pàápàá. Ohun tí à ń béèrè ni pé: bí ṣọ́ọ̀bù yìí bá ṣófo lọ́jọ́ àtúnyẹ̀wò, tí àlejò kan tí kò sí nínú ìpayà bá fẹ́ gbà á lọ́wọ́ onílé tí gbèsè kò lé, èló ni wọn yóò fẹnu kò sí? Oníbàárà tí ayálégbé ti kó jọ kò wọ ìṣirò. Táìlì tó tẹ́ àti àjà tó kàn fún ẹrù kò wọ̀ ọ́, àyàfi bí ìwé bá ní kó wọ̀ ọ́, nítorí kò yẹ kí ènìyàn máa sanwó ilé lórí owó tí òun fúnra rẹ̀ ná.

Òfin ìṣòwò OHADA tí wọ́n tún kọ ní Lomé ní oṣù kejìlá ọdún 2010 kò jìnnà sí èyí. Ó jẹ́ kí onílé àti ayálégbé dá iye owó fúnra wọn. Bí wọn kò bá fẹnu kò, abala 117 ní kí kóòtù wo ibi tí ilé wà, bó ṣe tóbi tó, bó ṣe gbó tó, àti iye tí wọ́n ń san ládùúgbò fún irú rẹ̀. Ìkẹrin yìí ló ń fa ìjà, nítorí iye tí wọ́n kọ sínú ìwé kì í sábà jẹ́ iye tí wọ́n san.

Ní Parakú, iye inú ìwé máa ń kéré ju òótọ́ lọ. Owó ìwọlé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn owó ńlá tí wọ́n san lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó gba kọ́kọ́rọ́, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ó hàn nínú ìwé. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ó máa ń pọ̀ ju òótọ́ lọ. Bí ọjà bá kú, onílé ibẹ̀ á fún àlejò ní oṣù mélòó kan lọ́fẹ̀ẹ́ kí ó lè gbà láti kọ iye ńlá sílẹ̀. Má-wálẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ ọ bẹ́ẹ̀: iye tí ó bá ti wọ ìwé kò ní wálẹ̀ mọ́, onílé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á sì gbé e lọ fún adíyelé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Kóòtù ẹ̀bẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbọ́ ẹjọ́ mẹ́rin lórí ọ̀rọ̀ yìí pa pọ̀ rí. Onílé kan ṣoṣo ló jàre, èyí tó fi ilé háyà fún iléeṣẹ́ Lehman Brothers ní Broadgate, nítorí ọ̀rọ̀ ìwé tirẹ̀ kò ní ìtumọ̀ méjì. Ní ti àwọn mẹ́ta yòókù, kóòtù kò gbà pé ẹnikẹ́ni á mọ̀ọ́mọ̀ fọwọ́ sí i pé òun yóò san irú iye ńlá bẹ́ẹ̀ láìgba oṣù ọ̀fẹ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 ni mo rí èyí tó ṣe kedere jù nínú iṣẹ́ mi. Alájì kan ní ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà Arzeke, mítà 5 ní ìbú, mítà 12 ní gígùn sẹ́yìn. Sẹ́fà 180,000 ni ayálégbé rẹ̀ ń san lóṣù, Alájì sì fẹ́ 220,000. Ẹrù tó ń lọ sí Nìjẹ̀ ni ayálégbé náà ń tà. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbàjọba ní Niamey ní oṣù keje 2023 tí ààlà Malanville sì ti, ọkọ̀ akẹ́rù kò dúró níwájú rẹ̀ mọ́. Àdánù tirẹ̀ kọ́ ni mo lọ wọ̀n. Mo lọ wo ohun tí àwọn àlejò ń san ní òpópónà náà.

Iwájú ṣọ́ọ̀bù ló ń pawó, nítorí náà a kì í ka ẹ̀yìn ní iye kan náà. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù máa ń ka ẹsẹ̀ bàtà 20 àkọ́kọ́ ní pípé, wọ́n á ka 20 tó tẹ̀ lé e ní ìdajì. Mítà 6 ni tiwa. Ti Alájì jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 30 níwájú àti 30 lẹ́yìn. Ọgbọ̀n iwájú pé, ọgbọ̀n ẹ̀yìn di 15, àpapọ̀ sì jẹ́ 45.

Ṣọ́ọ̀bù méjì ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà nítòsí, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n sì gbà wọ́n. Èkíní kò ju mítà 24 lọ, iwájú ni gbogbo rẹ̀. Ìwé ní 60,000, èyí tó jẹ́ 2,500 lórí mítà kan. Èkejì jẹ́ 36 nínú ìṣirò wa, ìwé tirẹ̀ sì ní 126,000, ìyẹn 3,500. Ayálégbé di èkíní mú, Alájì di èkejì mú, ìkínní kejì sì rò pé ẹnì kejì ń purọ́.

Mo bẹ àwọn ayálégbé méjèèjì pé kí wọ́n fi ìwé ìsanwó hàn mí. Ti èkíní ti san owó ìwọlé 540,000. Bí a bá pín in sórí oṣù 36, ó di 15,000 lóṣù, owó ilé rẹ̀ gan-an sì di 75,000, tàbí 3,125 lórí mítà. Ti èkejì gba oṣù mẹ́ta lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí náà oṣù 33 ló máa san nínú 36. 126,000 di 115,500, tàbí bíi 3,208. Ibi tó jọ pé ìjà pọ̀ sí tẹ́lẹ̀, àlàfo rẹ̀ kò ju 83 lọ. Owó tí wọ́n kó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tún níyì díẹ̀ ju èyí tí wọ́n ń san díẹ̀díẹ̀ lọ, mo sì mú 3,200. Ní ìlọ́po 45, ó jẹ́ 144,000.

Alájì wo ìwé mi pẹ́. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ ní òkè nìkan ni gbólóhùn yìí mọ̀.”

Mo ní, “Alájì, ẹ má bínú. Ó ní kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ni. Kò ní ó gbọdọ̀ gòkè.”

180,000 ló dúró sí. Ìṣirò mi kò já mọ́ nǹkan fún ayálégbé lọ́jọ́ yẹn, nítorí má-wálẹ̀ kì í bá adíyelé jà lórí iye ọjà; ó máa ń dúró dè é títí yóò fi ṣírò tán ni, lẹ́yìn náà ni yóò mú èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì. Ìdí rèé tí Ireland fi kà á léèwọ̀ nínú ìwé àdéhùn ìṣòwò tuntun láti ọjọ́ 28 oṣù kejì 2010, tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sì gbé àbá òfin irú rẹ̀ wá síwájú ilé aṣòfin ní oṣù keje 2025. Èmi kò rò pé ó yẹ kí a kà á léèwọ̀ níhìn-ín. Kí ìwé kúrú ni mo máa ń gba ayálégbé níyànjú, torí ìgbà tí àdéhùn bá ń parí ni ọwọ́ rẹ̀ lè dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ náà nìyẹn. Nígbà tí àdéhùn fẹ́ parí, ayálégbé kọ ìwé pé òun fẹ́ tún un ṣe, ó ju oṣù mẹ́ta ṣáájú lọ bí òfin ṣe fẹ́. Alájì mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, ohun mẹ́rin inú abala 117 ni wọn yóò wò. Wọ́n fẹnu kò sí 150,000 fún ọdún mẹ́ta, àmọ́ Alájì béèrè 360,000 lọ́tọ̀ kó tó fọwọ́ sí i. Ìwé wọn ní 150,000. Nínú ìwé tèmi, tí mo máa ń yẹ̀ wò bí ẹlòmíràn bá pè mí sí òpópónà yẹn, 160,000 ni mo kọ.