Ìlà Márùn-ún Péré fún Bàbá Birikìlà

Nígbà tí ẹgbẹ́ wa pinnu láti fún bàbá birikìlà kan ní Pópó Àgùdà ní àwọ́ọ̀dù, a rò pé owó ló máa dà wá láàmú. Àṣé ọ̀rọ̀ tí a máa kọ sórí rẹ̀ ló máa dà wá láàmú jù. Pátákó náà fẹ̀ ní íńṣì 8, ó gùn ní íńṣì 10, lógò wa sì ti gba ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀. Ẹni tó ń bá wa tẹ̀ ẹ́ ní Ṣómólú ní tí ọ̀rọ̀ bá ti ju 40 lọ, lẹ́tà á kéré débi pé ẹni tó bá jókòó ní pálọ̀ ò ní lè kà á lára ògiri. Ọ̀rọ̀ 71 ni àwa ti kó jọ.

Akínkanjú, olóòótọ́, òṣìṣẹ́ takuntakun, àwòkọ́ṣe rere: gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wa wá béèrè pé tí a bá yọ orúkọ bàbá, tí a fi ti olùkọ́ wa kan sí i, kí ló máa bàjẹ́? Kò sí nǹkan kan tó máa bàjẹ́. A bá ń fa ìlà sórí gbogbo ọ̀rọ̀ tó lè bá ẹlòmíràn mu. Orúkọ àti ọdún nìkan ló kù. Ìgbà yẹn la mọ̀ pé a ò tíì mọ iṣẹ́ tí bàbá ń ṣe gan-an.

A lọ bá wọn ní ọjọ́ Sátidé. Wọ́n fi pákó pẹlẹbẹ kan hàn wá, tí wọ́n gé etí rẹ̀ ní kọ́lọkọ̀lọ. Tí ọ̀ṣọ́ orí fèrèsé ilé àtijọ́ bá ya, ibi tí kò tíì bàjẹ́ ni wọ́n ti máa ń wo ìrísí rẹ̀, wọn á gé pákó bá a mu, wọn á sì fà á kọjá lára rírẹ́ tútù títí ìrísí àtijọ́ á fi yọ.

A padà sílé, a kọ ọ́ pé: “Ó kọ́ àwọn ilé Àgùdà.” Nígbà tí a kà á fún bàbá, wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n pè mí ní òpùrọ́ ni? Àwọn tó ti Bùràsíìlì dé ló kọ́ ọ. Èmi ń tún un ṣe ni.”

Ọ̀rọ̀ náà bá wa délé. Ní èdè wa, ẹni tó náwó kọ́lé, birikìlà náà sì kọ́lé. Ẹ wo Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Martins Street, tí wọ́n ṣí ní 1894. Mohammed Shitta Bey kọ́ ọ, torí owó rẹ̀ ni. João Baptista da Costa náà kọ́ ọ, torí òun ló ṣe iṣẹ́ ilé náà. Òótọ́ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n tí ìlà kan ṣoṣo bá wà fún “kọ́,” orúkọ olówó ló sábà máa ń gbà á. A yọ “kọ́,” a fi “tún ọ̀ṣọ́ ilé ṣe” sí i.

Nígbà tí àpẹẹrẹ ti Ṣómólú dé, kò sí àmì, kò sí ìlà abẹ́ lẹ́tà. “Ọ̀ṣọ́” ti di “oso.” Ẹni tó bá kà á lè sọ pé bàbá ń tún oṣó ṣe! Fọ́ǹtì tiwa ni kò sí lórí kọ̀ǹpútà tiwọn. Nínú CorelDRAW, a yẹ sípẹ́lì wò dáadáa, a yan ọ̀rọ̀ náà, a tẹ `Ctrl+Q`, gbogbo lẹ́tà sì di àwòrán tí kò nílò fọ́ǹtì mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, a ò lè tún sípẹ́lì ṣe mọ́, ìdí nìyẹn tí ẹni mẹ́ta fi kọ́kọ́ kà á.

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ni bàbá pè wá: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ sí i. Wọn ò gba àwọ́ọ̀dù kankan kí wọ́n tó kú.” Àyè ò sí mọ́. Orúkọ ààrẹ wa, ti akọ̀wé wa àti àkòrí ètò wa ló gba ìsàlẹ̀. A jiyàn lórí rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn kan ní àwọn ló dáwó. Nígbẹ̀yìn, ààrẹ fúnra rẹ̀ ló pa orúkọ ara rẹ̀ rẹ́.

Ohun tí a tẹ̀ nìyí, yàtọ̀ sí orúkọ tí a fi pamọ́ níbí:

Orúkọ bàbá, ní lẹ́tà ńlá
Birikìlà ní Pópó Àgùdà
tó ń tún ọ̀ṣọ́ ilé àwọn Àgùdà ṣe láti 1979
Ọmọṣẹ́ (orúkọ ọ̀gá wọn)
Láti ọwọ́ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa

Nígbà tí bàbá gbà á, ìlà kẹrin ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ kàn.