Ẹ̀rọ Àtijọ́ nínú Wáífáì Ilé: Ta Ló Ń Fa Gbogbo Wa Sẹ́yìn?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń sọ nípa Wáífáì inú ilé: wọ́n ní bí ẹ̀rọ àtijọ́ kan bá ti wọ inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, gbogbo ẹ̀rọ yòókù yóò máa rìn ní ìrìn tirẹ̀. Apá kan ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ òtítọ́, apá kan kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí òtítọ́ rẹ̀ parí sí ni mo fẹ́ fi hàn yín lónìí, nítorí mo ti rí ilé tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láàárín ìyá àgbà àti ọmọ-ọmọ wọn.

Ní ọdún 2009, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Pẹ́kàmù, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni mo ń gbé. Ìyá ìyàwó wọn ti Ìbàdàn wá láti bá wọn tọ́jú ọmọ tuntun. Màmá mú kọ̀ǹpútà alágbèéká kan dání, èyí tí wọ́n rà ní 2003. Lálaalẹ́, wọn a jókòó sí yàrá ẹ̀yìn lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọn a fi fọ́tò ọmọ náà ránṣẹ́ sí àwọn àbúrò wọn nílé. Àkókò yẹn gan-an ni ọmọkùnrin ẹ̀gbọ́n mi, tí ó ń múra ìdánwò, máa ń pariwo pé ayélujára ti kú. Ní ọjọ́ kan ó ní, “Kọ̀ǹpútà Màmá Àgbà yìí ló sọ gbogbo wa di ìgbín.” Màmá gbọ́. Wọn kò fèsì. Wọ́n pa kọ̀ǹpútà dé, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọn kò sì bá ará Ìbàdàn sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mo ń ṣe, n kò sì fẹ́ kí a dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi láìwọn ọ̀rọ̀ náà wò. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ ilé náà.

Ìlànà tí kọ̀ǹpútà Màmá ń lò ni `802.11b`, tí ó jáde ní 1999. Ìwọ̀n ìsáré mẹ́rin péré ni ó mọ̀: mẹ́gábíìtì 11, 5.5, 2 tàbí 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ̀rọ bá súnmọ́ ráútà, yóò lo 11. Bí ó bá jìnnà tàbí tí ògiri pọ̀ láàárín wọn, yóò máa sọ̀ kalẹ̀ títí dé 1 kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ má bàa sọnù lọ́nà. Ìlànà ti ráútà ilé náà àti ti kọ̀ǹpútà ọmọkùnrin yìí ni `802.11g`, tí ó jáde ní 2003, tí ó lè dé 54. Kọ̀ǹpútà ọmọ náà kì í sọ̀ kalẹ̀ sí ìwọ̀n ti Màmá nígbà tí ó bá ń ránṣẹ́ tirẹ̀. Olúkúlùkù ń sọ̀rọ̀ ní ìsáré ara rẹ̀. Ibi tí àwọn ènìyàn ti ṣì í nìyẹn. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń pín lò, ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni ẹ̀rọ àtijọ́ fi ń ná wọn ní àkókò.

Ọ̀nà kìíní jẹ́ ọ̀rọ̀ èdè. Gbogbo wa mọ ẹnà, èyí tí àwọn ọmọdé fi ń fọ̀rọ̀ pamọ́ fún àgbà. Bí ìlànà tuntun ti rí létí ẹ̀rọ àtijọ́ gan-an nìyẹn. Kọ̀ǹpútà Màmá kò lè tú ohun tí ẹ̀rọ `802.11g` ń sọ. Ariwo lásán ni lójú rẹ̀. Ó lè rò pé ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀, kí ó sì já lu ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Nítorí náà, bí ráútà bá ti rí i pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wọlé, yóò pàṣẹ fún gbogbo àwọn ẹlẹ́nà pé kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ ké ní èdè àtijọ́ tí gbogbo ilé gbọ́: “Ẹ dákẹ́ díẹ̀, mo fẹ́ sọ̀rọ̀.” Ìkéde kékeré yìí, tí a ń pè ní `CTS`, ń lọ ní ìwọ̀n ti àtijọ́, ó sì ń ṣáájú gbogbo ìdì ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá rán. Ẹ kíyè sí i: bí ẹ̀rọ àtijọ́ náà kò tilẹ̀ rán nǹkan kan, owó ibodè yìí kò kúrò níbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ọ̀nà kejì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìpín. Ẹ fi ọkàn yàwòrán ìpàdé ẹbí kan tí òfin rẹ̀ sọ pé kí olúkúlùkù sọ gbólóhùn kan, kí ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Gbólóhùn ni a pín dọ́gba, a kò pín ìṣẹ́jú. Bí ẹnì kan bá ń fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn, òun ni yóò gba àkókò ìpàdé, bẹ́ẹ̀ ni kò rú òfin kankan. Ìdì ọ̀rọ̀ tí ó tóbi tó báìtì 1500 ń gba nǹkan bí 0.2 nínú ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá láti kọjá ní ìwọ̀n 54. Ìdì kan náà ní ìwọ̀n 1 ń gba 12. Bí àwọn méjèèjì bá ń tò tẹ̀ léra wọn, èyí tí ó yára yóò dúró de èyí tí ó lọ́ra ní gbogbo ìgbà. Àwọn onímọ̀ kan ní Grẹnóbù, nílẹ̀ Faransé, ti ṣàlàyé àbùkù yìí nínú ìwé ìwádìí kan ní 2003.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, mo wọn gbogbo rẹ̀ wò. Mo fi wáyà so kọ̀ǹpútà orí tábìlì mọ́ ráútà ní pálọ̀, kí ìlà ayélujára má bàa da ìwọ̀n mi rú. Mo ní kí ọmọ náà máa da fáìlì kan tí ó jẹ́ mẹ́gábáìtì 100 láti orí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí ti tábìlì, kí n máa wo aago. Nígbà tí a pa kọ̀ǹpútà Màmá, fáìlì náà parí ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 40. Nígbà tí a tan ti Màmá ṣùgbọ́n tí kò ṣe iṣẹ́ kankan, ó gba ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀. Owó ibodè nìyẹn. Lẹ́yìn náà, a jẹ́ kí ti Màmá máa rán fọ́tò láti yàrá ẹ̀yìn, níbi tí ìwọ̀n rẹ̀ ti sọ̀ dé 1. Fáìlì ọmọ náà gbà tó ìṣẹ́jú 15.

Ìdánwò kẹrin ni ó yà wọ́n lẹ́nu. Mo gbé kọ̀ǹpútà Màmá wá sí pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà, níbi tí ó ti lè lo ìwọ̀n 11, mo sì ní kí ó máa rán fọ́tò kan náà. Fáìlì ọmọ náà parí ní bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ̀rọ kan náà ni, ọjọ́ orí rẹ̀ kò sì yí padà. Ibi tí ó jókòó sí nìkan ni ó yí padà. Mo wá gbé kọ̀ǹpútà ọmọ náà fúnra rẹ̀ lọ sí yàrá ẹ̀yìn: òun náà sọ̀ kalẹ̀ gidigidi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fa àwọn yòókù sẹ́yìn. Ọmọ náà dákẹ́. Ó wá sọ pé, “Ẹ má bínú, Màmá.”

Àwọn kan yóò ní kí a lọ sí ojú ìwé ráútà, kí a yí `Mixed` padà sí `G-Only`. Owó ibodè yóò lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà Màmá kò ní lè wọlé mọ́ rárá. Ohun tí a ṣe kò le: a ra wáyà gígùn kan, a gbà á ẹ̀bá ògiri lọ sókè, a fi so kọ̀ǹpútà Màmá mọ́ ráútà, a sì pa Wáífáì rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó bá wà lórí wáyà kò sí nínú ìpàdé afẹ́fẹ́ mọ́. Màmá ń rán fọ́tò wọn, ọmọ ń kàwé rẹ̀.

Lónìí, ẹ̀rọ `802.11b` ti ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀nà kejì tí mo ṣàlàyé kò tíì kúrò nílẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tàbí kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà tí ó wà níbi jíjìnnà lè gba afẹ́fẹ́ ilé bí ti Màmá ti gbà á nígbà náà. Bí ráútà yín bá ń lo Línúsì, tí ẹ sì lè wọ inú rẹ̀, àṣẹ yìí yóò tò wọ́n:

```
iw dev wlan0 station dump
```

Ẹ wo ibi tí ó kọ `tx bitrate` àti `rx bitrate` sí lábẹ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré jọjọ, tí ó sì ń rán nǹkan púpọ̀, ni kí ẹ wá. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré ṣùgbọ́n tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ kò ṣe yín ní nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn ráútà kan ní ètò tí wọ́n ń pè ní `Airtime Fairness`, èyí tí ń pín ìṣẹ́jú dọ́gba dípò gbólóhùn. Ní 2017, àwọn olùwádìí fi irú ètò bẹ́ẹ̀ hàn nínú Línúsì. Ó dára, ṣùgbọ́n ó ní ààlà: ohun tí ráútà ń rán jáde ni ó ní agbára lé lórí jù, kò rọrùn fún un láti dá ẹ̀rọ tí ń rán nǹkan wọlé dúró. Ọ̀nà mìíràn ni kí ẹ gbé àwọn fóònù tuntun lọ sí ìpele 5 GHz, kí wọ́n fi 2.4 GHz sílẹ̀ fún àwọn ẹ̀rọ àgbà. Ìpele méjèèjì kì í gba afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ ara wọn.

Nítorí náà, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ́ra nílé yín, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí ọjọ́ orí ẹ̀rọ. Ẹ béèrè ibi tí ó jókòó sí, kí ẹ béèrè bí ó ti ń sọ̀rọ̀ tó, kí ẹ sì wò ó bóyá wáyà lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.