Sítíkà Ọlọ́run Má Jẹ̀ẹ́: Bí A Ṣe Ń Mú Àwòrán Yípo Láìba Ìtumọ̀ Rẹ̀ Jẹ́

Gbogbo wa la máa ń fi sítíkà fèsì. Ẹni tó bá wà nínú ẹgbẹ́ Wọ́sáàpù kíláàsì wa mọ̀ pé bí wọ́n bá ti kéde pé ìdánwò ti sún mọ́, kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, sítíkà mẹ́wàá á ti balẹ̀. Àwọn tó ń mira ni mo fẹ́ràn jù, àwọn tó ń yípo tí ojú kò lè sọ pé ibí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ibí ni wọ́n parí sí. Lúùpù ni àwọn tó ń ṣe é ń pè é. Èmi á máa pè é ní àyípo.

Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń ṣe é, kì í sì í ṣe fún eré nìkan. Àìsàn rọpárọsẹ̀ kọlu Màmá, ìyá tó bí ìyá mi. Ó gba agbára ọwọ́ ọ̀tún wọn, ó sì mú kí ahọ́n wọn wúwo. Wọ́n ń gbọ́ gbogbo ohun tí a bá sọ, ó sì ń yé wọn, àmọ́ ìyá mi àti èmi nìkan ni ohun tí àwọn fúnra wọn bá sọ máa ń yé dáadáa. Tẹ́lẹ̀, àràárọ̀ ni wọ́n máa ń gba ohùn sílẹ̀ sínú ẹgbẹ́ ìdílé wa lórí Wọ́sáàpù. Nígbà tí àwọn ọmọ wọn ń béèrè lemọ́lemọ́ pé, "Kí lẹ wí, Màmá?", wọ́n dákẹ́. Ohun tó kù tí wọ́n lè ṣe ni kí wọ́n fi ìka òsì tẹ sítíkà. Èyí tí wọ́n sì ń wá tí wọn kò rí ni "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́": ká ká ọwọ́ yí orí ká, ká sì ta ìka dànù, bí ẹni ń ju ibi sọnù. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi máa ń ṣe é. Mo ní màá yà á fún wọn.

Orí kọ̀ǹpútà mi ni mo ti yà á, pẹ̀lú Krita, torí pé ọ̀fẹ́ ni. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọwọ́ tó ń yí orí ká nìkan. Mo fẹ́ kó yípo lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, mo sì fẹ́ lo àwòrán 10, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan á dúró fún ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Odindi òbìrí jẹ́ dígírì 360. Ibi tí ọ̀pọ̀ àyípo ti ń bàjẹ́ ni pípín òbìrí yìí. Ó máa ń wu èèyàn láti fi àwòrán 1 sí ìbẹ̀rẹ̀, kó sì fi àwòrán 10 sí ibi tí ọwọ́ ti padà dé ìbẹ̀rẹ̀ náà, torí ó dà bíi pé báyìí ni òbìrí ṣe ń parí. Àmọ́ bí fídíò bá ti dé àwòrán 10, àwòrán 1 ló kàn, ibì kan náà sì ni àwọn méjèèjì wà. Ọwọ́ á wá dúró níbẹ̀ fún ìlọ́po méjì àkókò tó fi ń dúró níbòmíràn. Ìdá méjì nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá ni, ṣùgbọ́n ojú máa rí i. Ó máa dà bí ẹni tó ń kólòlò lórí ọ̀rọ̀ kan náà ní gbogbo ìgbà tó bá pè é.

Ohun tó tọ́ ni pé kí àwòrán tó kẹ́yìn wà ní ìṣísẹ̀ kan ṣáájú àkọ́kọ́, kó má ṣe jẹ́ àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀. Dígírì 360 tí a pín sí 10 jẹ́ 36. Àwòrán 1 wà ní 0, àwòrán 2 wà ní 36, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe máa lọ títí àwòrán 10 á fi wà ní 324. Ìṣísẹ̀ tó kù, láti 324 sí 360, àwòrán 1 ló máa gbé e. Kí ọwọ́ mi má bàa ṣì í nígbà tí mo bá ń yà á, mo máa ń da àwòrán 1 kọ sí ipò 11 gẹ́gẹ́ bí àmì, màá ya àwọn tó wà láàárín kí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà màá pa ẹ̀dà náà rẹ́. Bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti jọ, mo máa ń to gbogbo àwòrán náà lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra, màá wá máa tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan níbi tí ìparí ti pàdé ìbẹ̀rẹ̀. Bí ọwọ́ bá rìn jìnnà níbẹ̀ ju bó ṣe rìn níbòmíràn lọ, tàbí tí kò rìn rárá, kò tíì jọ.

Ìyẹn dára fún ohun tó jẹ́ òbìrí nínú ara rẹ̀. Àmọ́ "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" kì í ṣe òbìrí. Ó ní ìparí: a ti ta ìka, ibi ti lọ, ọwọ́ sì ti padà sórí itan. Báwo la ṣe máa mú ohun tó ti parí yípo? Mo ṣe é ní oríṣi mẹ́ta, mo sì kó gbogbo rẹ̀ lọ fún Màmá kí wọ́n yàn.

Nínú oríṣi kìíní, ọwọ́ gòkè, ó yí orí ká, ó ta ìka, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì tún gòkè lójú ẹsẹ̀. Ojú ìsopọ̀ rẹ̀ kò hàn rárá. Màmá wò ó títí, wọ́n wá sọ ohun kan tí ìyá mi túmọ̀ fún mi: "Ṣé eṣinṣin ni mò ń lé ni?" Òótọ́ ni. A mọ̀ láti inú kíláàsì mọfọ́lọ́jì pé àpètúnpè kì í fi ìtumọ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà: "ọmọ" kì í ṣe "ọmọkọ́mọ". Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ni ìfaraṣọ̀rọ̀ rí. Ìgbà tí wọ́n ṣe é ṣe é tí kò sí ìsinmi láàárín, ó kúrò ní àdúrà, ó di ìyọnu.

Oríṣi kejì ni mo ń pè ní àlọ-àbọ̀. Òun ló yá jù, òun sì ni ọ̀pọ̀ áàpù máa ń ṣe fúnni: fídíò á lọ dé ìparí, á sì fi ẹ̀yìn rìn padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Kò nílò kí ìparí jọ ìbẹ̀rẹ̀ rárá. Ohun tó yẹ ká ṣọ́ níbẹ̀ ni pé kí a má ṣe ka àwòrán orí ìkángun méjèèjì lẹ́ẹ̀mejì. Àwòrán 10 á lọ láti 1 dé 10, á padà láti 9 dé 2, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ 18, kì í ṣe 20. Fún abẹ̀bẹ̀ tó ń fẹ́, tàbí orí tó ń mì, àlọ-àbọ̀ dára púpọ̀, torí pé àbọ̀ wọn jọ àlọ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ ro ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́". Màmá ta ibi dànù. Lẹ́yìn náà ìka wọn kó o padà, ọwọ́ wọn sì tún ká a yí orí wọn ká ní òdìkejì. Èyí kò nílò ògbufọ̀. Màmá fi ọwọ́ òsì ti fóònù náà sẹ́yìn, wọ́n ní kí n pa á rẹ́.

Oríṣi kẹta ni wọ́n gbà. Mo jẹ́ kí ọwọ́ sinmi lórí itan fún ìṣẹ́jú àáyá kan àti ìdá méjì nínú mẹ́wàá kó tó tún gòkè. Nínú ìsinmi yẹn ni ojú ìsopọ̀ fara pamọ́ sí, torí níbi tí nǹkan kan kò ti mira, ojú kò ní ohun tó máa fi mọ̀ pé a ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún Màmá ni pé ìsinmi náà ń ṣe iṣẹ́ tí ìdánudúró ń ṣe lẹ́yìn gbólóhùn. Ẹni tó ń wò ó mọ̀ pé gbólóhùn kan ti parí, àti pé wọ́n tún un sọ ni.

Gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ àwòrán 19: 10 fún yíyí orí ká, 2 fún títa ìka, 3 fún sísọ̀kalẹ̀, 1 fún ìsinmi, 3 fún gígòkè. Àwòrán ìsinmi kò nílò ẹ̀dà méjìlá. Ọ̀kan ṣoṣo ni, a kàn ní kó dúró pẹ́ ni. Sítíkà Wọ́sáàpù tó ń mira gbọ́dọ̀ jẹ́ píkísẹ̀lì 512 ní ìbú àti 512 ní òró, kò gbọdọ̀ ju kílóbáìtì 500 lọ, kò sì gbọdọ̀ gùn ju ìṣẹ́jú àáyá 10. Tèmi jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 3. Àṣẹ tí mo fi so wọ́n pọ̀ nìyí:

```
img2webp -loop 0 -lossy -q 75 -d 100 0?.png 1[0-5].png \
  -d 1200 16.png -d 100 17.png 18.png 19.png -o maje.webp
```

`-loop 0` ní kó máa yípo láìní iye. `-d` ni iye àkókò tí àwòrán kọ̀ọ̀kan á fi dúró. 1000 jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdí nìyẹn tí àwòrán 16, èyí tó jẹ́ ìsinmi, fi gba 1200. Bí fáìlì bá tóbi jù, ẹ dín 75 tó wà níwájú `-q` kù, kí ẹ sì tún wọn ìwúwo rẹ̀ wò. Áàpù tí a fi ń ṣe sítíkà ló máa wá gbé e wọ inú Wọ́sáàpù.

Ẹ máa ti rí i pé mi ò fi àwòrán ìsinmi ṣe nọ́ḿbà 1, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí sítíkà kò bá mira, àwòrán àkọ́kọ́ ni ojú máa rí. Fóònù Bàbá Ìbejì, àbúrò ìyá mi, ti gbó, sítíkà kì í sábà mira lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́ sínú ẹgbẹ́ ìdílé pé àwọn máa fi òru wakọ̀ láti Èkó wá sí Ilé-Ifẹ̀, Màmá fi sítíkà náà ránṣẹ́. Ká ní ọwọ́ lórí itan ló wà níwájú, ìyá arúgbó tó jókòó jẹ́ẹ́ ni wọ́n máa rí. Ọwọ́ lókè orí ni wọ́n rí. Wọ́n fèsì pé, "Mo ti gbọ́, Màmá. Ó di àárọ̀." Àyípo kò ní orí, kò ní ìrù, torí náà ibi tó bá wù wá la lè gé e sí. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù lọ lójú ẹni tó ń wò ni kí ẹ gé e sí.