Ọ̀pá CE2 tó ga ju gbogbo ọ̀pá lọ, àti bí a ṣe wọ inú rẹ̀

Láti ìgbà ìpàdé àwọn òbí tó kọjá ni àwọn ènìyàn ti ń pè mí pé báwo ni mo ṣe tẹ ọ̀pá kan lórí àwòrán, tí ojúewé mìíràn sì ṣí, tí ọjọ́ àti abúlé àwọn ọmọ tí kò wá sí ilé-ìwé jáde síbẹ̀. Mo kọ ọ́ síbí kí gbogbo yín lè rí i kà, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi.

Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni tiwa, kíláàsì mẹ́fà, láti CI títí dé CM2. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni a máa ń pe orúkọ, àárọ̀ àti ọ̀sán. Ọmọ tí kò bá sí ní ìjókòó kan, a ó kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ìwé yìí ni mo ti ń da ìwé ìpè náà kọ sínú Excel, lẹ́yìn náà mo gbé e sínú Power BI Desktop. Ọ̀fẹ́ ni irinṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n orí Windows nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́. Èkó ni ìbátan mi ti ra kọ̀ǹpútà mi, nítorí náà Gẹ̀ẹ́sì ló ń bá mi sọ, èmi tí mo fi Faransé kàwé. Orúkọ tí mo rí lójú kọ̀ǹpútà gan-an ni mo kọ síbí. Bí tiyín bá jẹ́ Faransé, ibi kan náà ni nǹkan wọ̀nyí wà.

Àwòrán oṣù kejì ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ọ̀pá mẹ́fà ni, ọ̀kan fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Ti CE2 jẹ́ ìjókòó 46 tí àwọn ọmọ kò wá. Kò sí kíláàsì mìíràn tó kọjá 15. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ àwọn òbí wo ọ̀pá náà, wọ́n ní ó ti yé àwọn: olùkọ́ CE2 le jù, ẹgba rẹ̀ ni àwọn ọmọ ń sá fún. Wọ́n tilẹ̀ ti ń múra láti kọ lẹ́tà sí ìsípẹ́kítọ̀. Ọmọbìnrin ni olùkọ́ náà, kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀pá kò sì lè dáhùn fún un, nítorí iye nìkan ni ọ̀pá mọ̀. Kò mọ ta ni, kò mọ ọjọ́ wo.

Tábìlì méjì péré ni mo ní. `Eleves` ní ìlà kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan: nọ́mbà rẹ̀ tí à ń pè ní matirikúlù, orúkọ, kíláàsì, abúlé. `Absences` ní ìlà kan fún ìjókòó kọ̀ọ̀kan tí ọmọ kò wá: nọ́mbà rẹ̀, oṣù, ọjọ́, àárọ̀ tàbí ọ̀sán, ìdí. Nọ́mbà yẹn ló so tábìlì méjèèjì pọ̀. Ìṣirò tó wà nínú ọ̀pá kò ju ìlà kan lọ:

```
Jours = COUNTROWS(Absences)
```

Ẹ ṣí ojúewé kejì, kí ẹ sọ ọ́ ní `Detail`. Ẹ gbé tábìlì kan síbẹ̀, kí ẹ kó orúkọ, abúlé, ọjọ́, ìjókòó àti ìdí sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ibi tí ó ṣófo lórí ojúewé náà kí ohunkóhun má ṣe wà ní yíyàn. Ní apá ọ̀tún, lábẹ́ `Visualizations`, ẹ wá ìsàlẹ̀ lọ títí ẹ ó fi rí `Drill through`. Àpótí kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ `Add drill-through fields here` sí. Ẹ fa `Classe` láti inú `Eleves` wá sínú àpótí yẹn. Bí ẹ bá ti jọ̀wọ́ rẹ̀, ọfà kékeré kan á yọ ní igun òkè ojúewé fúnra rẹ̀: ọ̀nà àbọ̀ nìyẹn. Nígbà tí ẹ ṣì ń ṣe iṣẹ́ náà lọ́wọ́, ẹ di `Ctrl` mú kí ẹ tó tẹ ọfà náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yíyàn lásán ni yóò yàn án.

Ẹ padà sí ojúewé àkọ́kọ́. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún màúsì tẹ ọ̀pá CE2, ẹ yan `Drill through`, ẹ yan `Detail`. Ojúewé kejì yóò ṣí, àwọn ọmọ CE2 nìkan ni yóò sì wà níbẹ̀. Ohun tí ẹ fà sínú àpótí náà ti di asẹ́: kíláàsì tí ẹ tẹ̀ ló kọjá, àwọn yòókù kò kọjá.

Bí ẹ bá tẹ ọ̀pá, tí `Drill through` kò sì sí nínú ohun tó jáde, ẹ wo kọ́lọ́ọ̀mù tó wà lábẹ́ ọ̀pá. Ẹlòmíràn máa ń kọ kíláàsì sínú tábìlì méjèèjì. Ó fi ti `Absences` ya ọ̀pá, ó sì fa ti `Eleves` sínú àpótí. Lójú wa, `Classe` kan náà ni. Lójú irinṣẹ́, ẹni méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan ni wọ́n, kò sì ní ṣí ilẹ̀kùn. Ọ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ lò níbi méjèèjì.

Ibi tó gba sùúrù jù nìyí. Ojúewé àlàyé gbọ́dọ̀ bá ọ̀pá dọ́gba. Bí ọ̀pá bá ní 46, tí àlàyé sì sọ iye mìíràn, ẹni tí ẹ fẹ́ gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn ni ẹ ó tún kó sí wàhálà. Nítorí náà mo fi `Jours` kún tábìlì inú `Detail`, kí àpapọ̀ lè máa hàn nísàlẹ̀. Mo wò ó, mo rí 112. Inú àpótí kan náà ni ìdí rẹ̀ wà. Bọ́tìnnì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ `Keep all filters`. Bí ó bá wà ní `Off`, kíláàsì nìkan ló ń bá wa kọjá. Oṣù kejì tí mo yàn lórí ojúewé àkọ́kọ́ kò tẹ̀lé mi, gbogbo ọdún ni tábìlì ń kà. Mo tẹ̀ ẹ́ sí `On`, àpapọ̀ sì di 46.

Àpapọ̀ bá ara mu, àmọ́ ìlà tí mo fi ọwọ́ kà jẹ́ 43. Ẹ fara balẹ̀ síbí yìí, nítorí nílẹ̀ wa ó máa ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Tábìlì Power BI kì í fi gbogbo ìlà hàn bí ìwé ìpè ṣe ń ṣe. Bí ìlà méjì bá jọra ní gbogbo kọ́lọ́ọ̀mù tí ẹ gbé síwájú, ó máa ń pa wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan. Àwọn ọmọ méjì wà ní CE2, ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò, agbo ilé kan, orúkọ kan, orúkọ ìdílé kan. Ìdòwú méjì nínú agbo ilé kan, ta ni yóò yà lẹ́nu nínú wa? Àárọ̀ mẹ́ta ni àwọn méjèèjì jọ pa jẹ, irinṣẹ́ sì kà wọ́n sí ọmọ kan. Ohun tó tú u fó ni pé ìlà mẹ́ta ní 2 lábẹ́ `Jours` dípò 1. Mo fi nọ́mbà matirikúlù kún tábìlì, àwọn méjèèjì yà sọ́tọ̀, ìlà sì di 46. Bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí fún ẹni tí kò bá fi kọ́lọ́ọ̀mù ìjókòó síbẹ̀: àárọ̀ àti ọ̀sán ọjọ́ kan náà yóò di ìlà kan.

Kọ́lọ́ọ̀mù ìjókòó yẹn gan-an ló sọ̀rọ̀. Nínú ìjókòó 46, 37 jẹ́ ti ọmọ márùn-ún láti abúlé kan ṣoṣo, gbogbo 37 sì jẹ́ `Matin`. Kò sí ọ̀sán kan láàárín wọn. Mẹ́sàn-án tó kù tàn káàkiri láàárín ọmọ mẹ́fà mìíràn, ibà ni èyí tó pọ̀ jù. Ẹ sọ fún mi, ọmọ wo ló ń bẹ̀rù ẹgba láàárọ̀, tí yóò sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá olùkọ́ kan náà lọ́sàn-án?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ orí pẹpẹ Kétu ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Omi jìnnà nísàlẹ̀ ilẹ̀ wa, bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá sì ti mú, orí àwọn ọmọ ló ń rù ú. Pọ́ǹpù abúlé yẹn ti bàjẹ́. Àwọn ọmọ ń jí lọ pọn omi ní abúlé kejì, wọ́n ń tò lẹ́yìn ara wọn. Kí wọ́n tó dé, a ti pe orúkọ tán, ìjókòó àárọ̀ sì ti lọ.

Kí n tó lọ sí ìpàdé, mo ṣe nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, mo kọ àkọlé sórí ojúewé `Detail`, kí ẹnikẹ́ni má baà wo CM1 kó máa rò pé CE2 ni. Mo gbé ìṣirò yìí sínú káàdì kan lókè:

```
Titre = "Classe : " & SELECTEDVALUE(Eleves[Classe], "toutes")
```

Bí asẹ́ bá wà lórí kíláàsì kan, orúkọ rẹ̀ yóò hàn. Bí kò bá sí, yóò kọ `toutes`. Èkejì, mo yọ orúkọ àwọn ọmọ kúrò nínú tábìlì, mo fi nọ́mbà wọn sílẹ̀ kí ìlà má baà tún pa pọ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́mọ kì í ṣe ohun tí gbogbo ìpàdé ń kà. Àwọn kan ní kí n kàn fi ojúewé náà pamọ́ pẹ̀lú `Hide page`. Ìyẹn ń gbé e kúrò lójú ni, kò tì í pa. Ẹni tó bá tẹ ọ̀pá yóò ṣì dé ibẹ̀, ẹni tí ẹ bá sì fi fáìlì `.pbix` ránṣẹ́ sí ti gba gbogbo orúkọ inú rẹ̀. `Publish to web` ni kí ẹ má fọwọ́ kàn rárá fún irú iṣẹ́ yìí, nítorí gbogbo ayé ló ń ṣí i sílẹ̀ fún. Èmi gbé kọ̀ǹpútà lọ síbẹ̀ ni. Bí ẹ bá sì sọ ọ́ di PDF, ọ̀pá kò ní í ṣeé tẹ̀ mọ́, ìwé lásán ló dà.

Wọn kò kọ lẹ́tà sí ìsípẹ́kítọ̀ mọ́. Ènìyàn méjì nínú ìgbìmọ̀ lọ bá àwọn tó ń bójú tó omi abúlé náà, wọ́n ní ẹ̀yà ara pọ́ǹpù kan ni àwọn ń retí. Àná ni mo kó ìwé ìpè oṣù kẹta wọlé. Ọ̀pá CE2 jẹ́ 41. Mo tẹ̀ ẹ́, mo wọlé: abúlé kan náà, `Matin`.