Ẹ ka ìwé ara bátìrì kí ẹ tó fowó ránṣẹ́

Kọ̀ǹpútà ni mò ń tún ṣe. Kì í pẹ́ kí ẹnìkan tó fi fọ́tò bátìrì ránṣẹ́ sí mi pé, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé kí n rà á?" Ẹni tó ń tà á wà ní Kutọnu, ẹni tó fẹ́ rà á wà nílé, fọ́tò nìkan ló wà láàárín wọn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti tíṣà kan ní Kétu ṣe àpẹẹrẹ. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ jẹ́ irú tí à ń yọ bátìrì rẹ̀ lábẹ́. Bí iná bá ti lọ, kì í lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá mọ́, máàkì àwọn ọmọ sì wà nínú rẹ̀ tó fẹ́ tẹ̀ parí. Ontajà náà ní 18,000 sẹ́fà ni bátìrì tuntun. Tíṣà fi fọ́tò rẹ̀ àti ti bátìrì àtijọ́ ránṣẹ́ sí mi, inú rẹ̀ sì dùn: "8800 ni wọ́n kọ sí i, bọ̀ọ̀dá! 4400 péré ni tèmi."

Ẹnu bátìrì ni mo kọ́kọ́ wò, níbi tí irin kọ̀ǹpútà ti ń wọlé. Mo ka àwọn ihò tóóró ibẹ̀, mo sì wo àlàfo tó wà láàárín wọn. Ó bá ti àtijọ́ mu régí. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹnu ń sọ kò ju pé bátìrì yóò wọ̀ ọ́ lọ. Kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Mo wá fẹ fọ́tò náà kí n lè ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn: 10.8V, 8800mAh, 47Wh. Àwọn nọ́ńbà mẹ́ta yìí gbọ́dọ̀ bára wọn mu. Ẹ sọ V di púpọ̀ pẹ̀lú mAh, kí ẹ fi 1000 pín in, Wh ló yẹ kó jáde:

```
10.8 x 8800 / 1000 = 95.04
10.8 x 4400 / 1000 = 47.52
```

Ṣé ẹ rí i? 47 tí wọ́n kọ síbẹ̀, ti 4400 ni. Wọ́n ti yí nọ́ńbà tí oníbàárà máa ń wò padà, wọ́n gbàgbé èyí tí kì í sábà wò.

Ìrísí rẹ̀ náà tún jẹ́rìí sí i. Irú bátìrì yìí máa ń ní ọmọ bátìrì gbọọrọ mẹ́fà nínú, tó dà bí òkúta tọ́ọ̀ṣì. 18650 ni wọ́n ń pè é: 18 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà, 65 ni gígùn rẹ̀. Méjìméjì ni wọ́n so pọ̀, nítorí náà bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ 8800, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní láti jẹ́ 4400. Ọmọ bátìrì rere tó wọ́pọ̀ ní ìwọ̀n yẹn kì í ju nǹkan bí 3500 lọ. Lóòótọ́, bátìrì 8800 wà, ṣùgbọ́n ọmọ méjìlá ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ó sì máa ń yọ gọngọ lábẹ́ kọ̀ǹpútà. Èyí tó wà nínú fọ́tò kò nípọn ju ti àtijọ́ lọ.

Mo ní kí tíṣà bẹ ontajà kó gbé bátìrì náà sórí òṣùwọ̀n, kó ya fọ́tò rẹ̀. Ọmọ bátìrì rere kan wúwo tó gíráàmù 45. Mẹ́fà jẹ́ 270, láìtíì ka ike àti pátákó iná inú rẹ̀. Fọ́tò dé: gíráàmù 228. Ó túmọ̀ sí pé 4400 gan-an lè má pé níbẹ̀. Tíṣà kò fowó ránṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tó lè tẹ ìwé èké lè mọ ìṣirò náà, ó sì lè fi nǹkan mìíràn kún ìwọ̀n. Bí nọ́ńbà kò bá bára mu, ẹ má rà á. Bí wọ́n bá bára mu, ẹ bá ontajà ṣàdéhùn pé ẹ lè dá a padà. Bí bátìrì bá délé, tí kọ̀ǹpútà yín bá jẹ́ ti Windows, ẹ jẹ́ kí iná rẹ̀ kún, ẹ lò ó títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ẹ tún jẹ́ kó kún, kí ẹ wá tẹ èyí:

```
powercfg /batteryreport
```

Ẹ fi FULL CHARGE CAPACITY wé DESIGN CAPACITY. Nínú bátìrì tuntun, wọ́n gbọ́dọ̀ sún mọ́ra. Síbẹ̀, ẹ fi aago ka wákàtí tó ń lò, nítorí wọ́n lè kọ irọ́ sínú pátákó iná náà pẹ̀lú. Bó bá sì wú tàbí tó gbóná débi tí ọwọ́ kò gbà á, ẹ yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ gbé e síta, jìnnà sí ohun tó lè gbiná.