Kí Ni Iṣẹ́ Náà Ń Fẹ́?

Ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ni mò ń bójú tó ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ra kaṣú àti àgbàdo lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Ìpàpó àti agbègbè rẹ̀. Lóṣù tó kọjá, mo kọ ìwé sí àwọn ọ̀gá ẹ̀ka wa pé kí wọ́n yé fi ọjọ́ orí pín iṣẹ́.

Ẹ wo iṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ àgbẹ̀. Òṣìṣẹ́ méjì á dé abúlé, ọ̀kan á máa tẹ orúkọ àti ìwọ̀n oko sínú fóònù, èkejì á máa bá baálẹ̀ àti àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀. Kí ọ̀gá tó ronú, ó ti gbé fóònù fún ọmọ ọdún 23, ó sì ti ní kí bàbá ẹni ọdún 54 lọ bá baálẹ̀. Ó jọ ọgbọ́n lójú. Àmọ́ tí ọdún bá gorí ọdún, bàbá ò ní fọwọ́ kan fóònù iṣẹ́ rí, ọmọ náà ò sì ní darí ìpàdé kankan. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, wọ́n á ní bàbá ò mọ ẹ̀rọ. Tí wọ́n bá ń wá alábòójútó, wọ́n á ní ọmọ ò nírìírí. Ìpín iṣẹ́ yẹn gan-an ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, mo ní kí ọ̀gá kọ ohun tí iṣẹ́ ń fẹ́ sílẹ̀ kó tó dárúkọ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ fóònù yẹn ń fẹ́ ẹni tó lè tẹ orúkọ Yorùbá láìṣì, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń rìn yí oko ká kí ẹ̀rọ lè wọn ààlà. Kí gbogbo wọn tẹ orúkọ àgbẹ̀ mẹ́wàá, ká ka àṣìṣe. Ẹni tó bá kù díẹ̀ fún, ká kọ́ ọ, kí wọ́n sì máa gba ipò ara wọn ṣe. Tó bá jẹ́ àpò gbígbé ni, ẹ bi olúwarẹ̀ léèrè bóyá ó lè gbé e. Ọ̀dọ́ tí ẹ̀yìn ń dùn náà wà.

Ọ̀gá kan bi mí pé, "Ṣé kí ọmọdé wá máa pàṣẹ fún àgbà ni?" Mo ní kó máa kí wọn bó ṣe yẹ, kó sì máa darí iṣẹ́. Lọ́dún 632, Usamah ọmọ Zayd, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju nǹkan bí 18 sí 20 lọ, ni Ànábì (kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a) fi ṣe olórí ogun tí àwọn àgbà sàhábà wà nínú rẹ̀. Àwọn kan ráhùn. Èsì tí Ànábì fún wọn ni pé ó tó ipò náà í ṣe.

Òfin Amẹ́ríkà ti ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ tó ti pé 40 ọdún láti 1967. Ní tiwa, abala 42 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ka ẹ̀yà, ẹ̀sìn àti jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, kò dárúkọ ọjọ́ orí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ọ̀gá kọ ìdí tó fi yan ẹnì kan tàbí tó fi fò ó sínú ìwé ìpín iṣẹ́.

Ti oṣù yìí ti dé ọwọ́ mi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kan, ọ̀gá náà ti kọ "ó ti dàgbà jù", ó wá fagi lé e, ó kọ "kò tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn ààlà oko." Ọjọ́ Ajé la máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bàbá náà.