Ta Ni Yóò Ra Àdí Àgbọn Náà?

Kò sí ọjọ́ tí òórùn àgbọn kì í gba ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ní Ajárá, ní Àgbádárìgì. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń rin àgbọn, wọn a fún omi rẹ̀, wọn a sè é títí àdí yóò fi léfòó, wọn a sì rọ ọ́ sínú ìgò onídajì lítà. Ní ọdún tó kọjá, àwọn ọmọ ìlú kan tí wọ́n ń gbé ní ìgboro Èkó ní àwọn fẹ́ fi owó sínú òwò kéékèèké, bí olówò bá lè fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣàlàyé ìdí tí owó òun kò fi ní ṣòfò. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ìwọ lo kàwé èdè, ìwọ ni kí o bá mi kọ ọ́.” Owó èsúsú wọn àti owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ti wà nínú òwò náà.

Mo kọ ọ́, ó sì dùn létí. Mo ní àwa ọmọ Nàìjíríà ju mílíọ̀nù 200 lọ. Bí ẹnì kan péré nínú 100 bá ń ra ìgò kan lóṣù, ìgò mílíọ̀nù méjì nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn, òṣìṣẹ́ báńkì tó ti fẹ̀yìn tì, tẹ́tí gbọ́ mi tán. Wọ́n béèrè pé, “Nínú mílíọ̀nù méjì yìí, orúkọ ta ni o mọ̀?” N kò rí èsì fọ̀.

Ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi bá gbé ìwé àti kálámù, a ń lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, láti Àgbádárìgì dé Ọ̀jọ́. Ṣọ́ọ̀bù 60 ni a wọ̀. 24 ní àwọn yóò gbà á. Mẹ́rin tó ti ń tà á tẹ́lẹ̀ wà lára wọn, ìgò 10 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tà lóṣù. Bí 24 bá ń tà bẹ́ẹ̀, ìgò 240 ni. Iye yìí kéré sí mílíọ̀nù méjì gan-an, ṣùgbọ́n a lè mú ẹnikẹ́ni lọ sí ẹnu ọ̀nà àwọn tí yóò rà á.

Mo tún ti kọ pé ẹ̀gbọ́n mi kò ní abánidíje. Irọ́ ni. Ní ọjà Àgbálátà, àwọn ìyá ń ta àdí àgbọn sínú ike omi tí wọ́n fọ̀, ó sì dínwó ju tiwa lọ. Àwọn ilé ìtajà ńlá ní ìgò aláràbarà tó wọ́n ju tiwa lọ. Àdí ẹ̀kùrọ́ náà wà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pa irun. Ibi tí tiwa bọ́ sí ni àárín: ìgò tó mọ́, tó ní déètì àti nọ́ńbà NAFDAC, ní iye tí olùdirí lè san. Ṣùgbọ́n a kò tíì ní nọ́ńbà náà, nítorí náà ó di ara ohun tí a ń tọrọ owó fún.

Ìṣirò ló kù. ₦4,000 ni ṣọ́ọ̀bù ń ra ìgò kan. Àgbọn méje àtààbọ̀ ló ń wọ inú rẹ̀. Ní ₦250 fún ẹyọ kan, ₦1,875 nìyẹn. Tí a bá fi ìgò, iná, owó iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi àti owó ọkọ̀ kún un, ó di ₦3,100. Èrè jẹ́ ₦900. Lórí ìgò 240, ₦216,000 ni lóṣù.

Owó tí a béèrè jẹ́ ₦2,500,000: ₦1,400,000 fún ẹ̀rọ ìrin-àgbọn àti ẹ̀rọ ìfún, ₦356,000 fún ìforúkọsílẹ̀ àti lébẹ́ẹ̀lì, ₦744,000 fún ọjà oṣù kan, nítorí pé lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́ ni ṣọ́ọ̀bù máa ń sanwó. A kò sọ pé ṣọ́ọ̀bù 24 yóò pé lọ́jọ́ kìíní. Mẹ́rin ni a ó fi bẹ̀rẹ̀, a ó sì máa fi mẹ́rin kún un lóṣooṣù. Èrè oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ yóò jẹ́ ₦756,000; ní oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún ni èrè yóò tó owó wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí n fi gbólóhùn tó kẹ́yìn kún un. Mo bẹ̀rù rẹ̀: bí àgbọn bá di ₦350, èrè orí ìgò kan yóò já sí ₦150 péré. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ó lé wọn sá.” Wọ́n ní, “Owó wọn kọ́ ni yóò kọ́kọ́ jóná, tèmi ni.”

Ní ọjọ́ náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ dá lórí iye àgbọn. A fi ìwé àdéhùn hàn wọ́n: ìdílé méjì tó ní oko àgbọn ti gbà láti tà fún wọn ní iye kan náà fún ọdún kan, bí wọ́n bá ń sanwó lójú ẹsẹ̀. Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n san owó ẹ̀rọ àti ti ìforúkọsílẹ̀, wọ́n sì ní ₦744,000 yòókù yóò wá nígbà tí ṣọ́ọ̀bù bá pé 12.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n mi pè mí. Ṣọ́ọ̀bù ti di mẹ́sàn-án.